Oògùn Àrùn Gágá: Ìgbà Wo ni Wákàtí 48 Bẹ̀rẹ̀?

Osẹtamifíà ni oògùn tí dókítà sábà máa ń lò fún àrùn gágá. Kì í ṣe apakòkòrò o. Apakòkòrò kì í ran fáírọ́ọ̀sì rárá. Bí fáírọ́ọ̀sì gágá bá ti pọ̀ sí i nínú imú, ọ̀fun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ó ní láti já ara rẹ̀ gbà kúrò níbi tó ti jáde kó tó lè ran ibòmíì. Jíjá yẹn ni osẹtamifíà ń dí. Èyí tó ti tàn ká ńkọ́? Kò lè kó o padà. Ìdí nìyí tó fi dára jù kí ó wọ ara láàárín wákàtí 48 tí àmì àkọ́kọ́ yọ. Lára ẹni tó lágbára, nǹkan bí ọjọ́ kan péré ló ń dín kù nínú àìsàn náà, bí wákàtí 48 bá sì ti kọjá, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa l'Ékìtì ni ìṣirò wákàtí yìí. Bí ara bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn la ń rò. A ó ra oògùn ibà, a ó lò ó fún ọjọ́ 3, wákàtí 48 á sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú aláboyún kan ní Ìkẹ́rẹ́. Aago 7 àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni òtútù, ara ríro àti ikọ́ gbígbẹ bá a lójijì. Aago 7 àárọ̀ Ọjọ́rú ni wákàtí rẹ̀ pé, ìgbà yòówù kó dé ilé ìwòsàn. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ Ajé náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni. Bí ibà bá wà, kó tọ́jú rẹ̀. Bí dókítà bá fura sí gágá, kó má dúró de èsì àyẹ̀wò gágá kó tó fún un ní oògùn: hóró 75 mílígíráàmù kan láàárọ̀, kan lálẹ́, fún ọjọ́ 5, hóró 10 lápapọ̀. Kó jẹun sí i, torí ó máa ń rin ènìyàn lọ́kàn, ó sì lè mú èébì wá. Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló tó dé, kí wọ́n ṣì fún un, nítorí aláboyún ni.

Irú àwọn tí a kì í torí pé ó pẹ́ dá padà nìyí: aláboyún àti ẹni tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, pàápàá èyí tí kò tíì pé 2, àgbà tó ti pé ọdún 65 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹnikẹ́ni tí gágá gbé dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọ̀dọ́ tó lágbára sábà máa ń gbádùn pẹ̀lú ìsinmi, omi àti parasẹtamọ́ọ̀lù.

Bí ọmọdé bá ṣe wúwo tó ni a fi ń ṣírò oògùn tirẹ̀. Ẹ má ṣe pín hóró àgbà fún un. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, torí kíndìnrín ló ń tú oògùn náà jáde, a sì lè ní láti dín in kù. Bí mímí bá ti ń ṣòro, ẹ má ka wákàtí kankan mọ́, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.