Ẹ̀gẹ́ ọdún yìí, owó ọdún tó kọjá

Ẹni tó bá ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè yóò ti bi ara rẹ̀ rí pé, kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ tí òun gbìn púpọ̀ nígbà tó wọ́n fi di owó pọ́ọ́kú nígbà tí òun hú u? Àwọn kan a máa dá alágbàtà lẹ́bi. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó wà láàárín ìgbà tí a ki igi ẹ̀gẹ́ bọ ilẹ̀ àti ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń fi í ṣe gààrí. Owó tí àgbẹ̀ rí lọ́jà lónìí ni ó fi ń pinnu iye ebè tí yóò kọ, ṣùgbọ́n owó ọdún tó ń bọ̀ ni yóò gbà. Nicholas Kaldor, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, ni ó fi òwú aláǹtakùn sọ ìlànà yìí lórúkọ ní ọdún 1934, nítorí pé bí a bá ya ipa owó àti iye ọjà sórí ìwé láti ọdún dé ọdún, ilà náà a máa yí po bí ilé aláǹtakùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà kan tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ kí ìṣirò lè rọrùn. Bí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ 100 bá dé ọjà náà lọ́dún, ₦100,000 ni àwọn oníbàárà yóò ra ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ fi kún oko tàbí dín in kù. Bí ọkọ̀ kan bá lé sí i, owó yóò wálẹ̀ ní ₦1,000. Bí ọkọ̀ kan bá dín, yóò gòkè ní ₦1,000. Wàyí o, ọ̀dá dá, ọkọ̀ 60 péré ló dé, owó sì di ₦140,000. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ọkọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń fi kún 100 náà fún ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí owó fi ju ₦100,000 lọ, tí wọ́n sì ń dín in kù bákan náà nígbà tí owó bá rẹlẹ̀, ọkọ̀ 120 ni yóò dé lọ́dún kejì, owó yóò sì já sí ₦80,000. Ẹ̀rù yóò bà wọ́n, wọn yóò gbin 90, owó yóò di ₦110,000, lẹ́yìn náà ₦95,000. Owó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n fífì náà ń kéré sí i, títí yóò fi rọ̀ mọ́ ₦100,000.

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà: ọkọ̀ kan àti ààbọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń fi kún un fún ₦1,000, bóyá nítorí pé ilẹ̀ ṣófo, tí igi ẹ̀gẹ́ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Nísinsìnyí, ₦108,000 lásán ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ̀ 112 yóò dé, owó yóò di ₦88,000. Àwọn àgbẹ̀ yóò sá kúrò lóko, ọkọ̀ 82 ni yóò kù, owó yóò gòkè sí ₦118,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e, yóò jábọ́ sí ₦73,000. Ìyapa ₦8,000 kúrò lójú ₦100,000 ti di ₦27,000 láàárín ọdún mẹ́ta, láìjẹ́ pé òjò tàbí kòkòrò ṣe ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kan gééré ni wọ́n ń fi kún un, fífì náà kì í dínkù, kì í sì í pọ̀ sí i.

Irú èyí tó ń gbilẹ̀ yìí kò lè máa gbilẹ̀ títí láé. Ilẹ̀ àti owó lébìrà yóò dá àgbẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní ohun tí tòmátì kò ní: a lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún oṣù díẹ̀ síi nígbà tí owó bá burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa le, tí kò sì ní dára fún gààrí mọ́ bí ó bá pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: bí gbogbo wa bá fi tiwa pamọ́, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ yóò jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń pa fífì náà kù jù lọ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ọjà kejì yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kan àti ààbọ̀ kún un, bí àwọn àgbẹ̀ bá ń gba àárín owó ọdún tó kọjá àti ₦100,000 tí wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó gbìn, ìyapa ₦8,000 náà yóò di ₦6,000, lẹ́yìn náà ₦4,500, kò ní gbilẹ̀ mọ́. Ẹ kọ owó ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, kí ẹ sì pín in sí iye owó iṣẹ́ ojúmọ́ lébìrà kan, nítorí pé náírà ọdún márùn-ún sẹ́yìn kì í ṣe náírà òní. Bí iye ojúmọ́ tí ọkọ̀ kan ń san bá ń yà kúrò lójú àárín síwájú sí i lọ́dọọdún, tí gíga àti jíjábọ́ sì ń tẹ̀ lé ara wọn, ọjà kejì ni ẹ wà. Ọdún tó bá wọ́n jù lọ gan-an ni kí ẹ dín ebè kù.