Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kan, ìdáhùn méjì: iye ìlọ́po ni ká gbà gbọ́ ni, àbí ìlà òṣùwọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlọrin níbí. Mo fún wọn ní ìwé iṣẹ́ kan tí àwòrán sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ×200 sí abẹ́ àwòrán náà, wọ́n sì fa ìlà kúkúrú kan sí igun rẹ̀ tí wọ́n kọ 100 µm sí lórí. Àwọn ọmọ tó lo ×200 ní máíkírómítà 210 ni sẹ́ẹ̀lì náà gùn tó, àwọn tó lo ìlà ní 300 ni. Mo tún ìṣirò méjèèjì ṣe, n kò rí àṣìṣe kankan. Èwo ni kí n máàkì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ o. 300 ni ẹ máa máàkì. Àwọn tó ní 210 náà mọ ìṣirò, nọ́ńbà tí wọ́n bá lórí ìwé ló tàn wọ́n jẹ, nítorí náà ẹ má ṣe gba gbogbo máàkì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ kò sọ iye tí rúlà kà fún yín, ṣùgbọ́n ìdáhùn méjèèjì tí ẹ kọ ti tú u síta. Ohun tí ×200 ń wí ni pé gígùn yòówù tí a bá rí lórí àwòrán jẹ́ ìlọ́po 200 gígùn ohun náà gan-an, nítorí náà a ó pín ohun tí rúlà kà sí ọ̀nà 200 kí a tó rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe gùn tó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ máíkírómítà 210, a jẹ́ pé máíkírómítà 42,000 ni àwọn ọmọ pín, èyí tí í ṣe mìlímítà 42, nítorí máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Mìlímítà 42 ni sẹ́ẹ̀lì náà gùn lórí ìwé yín nìyẹn. Àwọn tó lo ìlà fi 42 yìí kan náà wé gígùn ìlà, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì náà tó ìlà náà lọ́nà mẹ́ta. A jẹ́ pé mìlímítà 14 ni ìlà náà gùn. Ẹ mú rúlà, ẹ wò ó bóyá mo parọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wà níbí. Bí ìwé náà bá jẹ́ ×200 lóòótọ́, báwo ló ṣe yẹ kí ìlà tó dúró fún máíkírómítà 100 gùn tó? 100 lọ́nà 200 jẹ́ 20,000, ìyẹn mìlímítà 20. Mìlímítà 14 ni ìlà tiyín. Ohun kan ti sọ ojú ìwé náà di kékeré lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe àwòrán ti kọ ×200 sí i. Bí a bá pín 14 sí ọ̀nà 20, ohun tí a ó rí ni 0.7, ẹni tó bá sì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tókópì rí yóò dá nọ́ńbà yẹn mọ̀. Nígbà tí a bá ń sọ ìwé A4 di A5 kí ojú ìwé méjì lè wọ inú bébà kan, nǹkan bí 71 nínú 100 ni gígùn ohun gbogbo máa ń kù sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹni tó bá yín ṣe ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ náà fẹ́ ṣọ́ bébà jẹ ni. N kò bá a wí, bébà ti wọ́n jù.

Ìdí tí fọ́tókópì fi ba ×200 jẹ́ tí kò sì ba ìlà jẹ́ ni pé ×200 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà jẹ́ ara àwòrán. Ká ní ẹnìkan ya fọ́tò níwájú ẹnu ọ̀nà ààfin Ẹ́míà, tí ó sì ga dé ìdajì ẹnu ọ̀nà náà. Bí a bá sọ fọ́tò yẹn di ńlá bí ògiri tàbí kékeré bí èékánná, ẹni náà yóò ṣì ga dé ìdajì ẹnu ọ̀nà, nítorí àwọn méjèèjì jọ ń tóbi, wọ́n sì jọ ń kéré ni. Bí ìlà òṣùwọ̀n ṣe wà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò pé ìdá ogún ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni àwòrán yìí, ọ̀rọ̀ náà yóò ti di irọ́ ní kété tí a bá ti yí ìtóbi fọ́tò padà, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún ẹni tó ń kà á.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ọ̀nà méjèèjì kì í jà láàárín ara wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ìlà náà wá iye ìlọ́po tí ìwé wọn ní báyìí. Mìlímítà 14 jẹ́ máíkírómítà 14,000. Ohun tí ó dúró fún jẹ́ 100. Pín in, wọ́n á rí ×140. Kí wọ́n wá padà sí sẹ́ẹ̀lì:

```
42 mm = 42 000 µm
42 000 ÷ 140 = 300 µm
42 ÷ 14 × 100 = 300 µm
```

Ìlà kẹta nínú ìṣirò yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí mìlímítà ni a fi pín mìlímítà, kò sí pé à ń sọ ìwọ̀n kan di òmíràn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú jù. Ẹni tó bá fi sẹ̀ńtímítà ka rúlà yóò kọ 4.2, yóò fi 1,000 sọ ọ́ di 4,200, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì kéré ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìlọ́po dípò pípín yóò rí nọ́ńbà tó ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì kan gùn ju ọmọ tó ń ṣe ìṣirò náà lọ: 42,000 lọ́nà 140 ju mítà márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì awọ àlùbọ́sà sábà máa ń gùn tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nǹkan bíi máíkírómítà 250 sí 400. Tí ìdáhùn ọmọ bá jẹ́ 30 tàbí 3,000, kí ó padà lọ wo ibi tí ó ti sọ òdo kan nù tàbí tí ó ti mú ọ̀kan kún un.

Ohun kan kù tí mo ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ tó mọ ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: wọ́n á kọ 302.143. Rúlà tí wọ́n fi wọn ìlà kò lè fi ohun tó kéré ju ìdajì mìlímítà lọ hàn. Bí ìlà náà bá jẹ́ 13.5 gan-an, sẹ́ẹ̀lì yóò jẹ́ 311. Bí ó bá jẹ́ 14.5, yóò jẹ́ 290. Nítorí náà, "nǹkan bíi 300" ni òtítọ́, àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀lé e kò ní ìtumọ̀. Ìlà kúkúrú ló ń fa èyí ju sẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí ìdajì mìlímítà nínú 14 tóbi ju ìdajì mìlímítà nínú 42 lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì wọn sẹ́ẹ̀lì láti àárín ògiri rẹ̀ kan dé àárín ògiri kejì, nítorí sẹ́ẹ̀lì méjì tó fara kanra ló jọ ni ògiri tó wà láàárín wọn.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, Alàgbà. Mìlímítà 14 ni ìlà náà lóòótọ́, fọ́tókópì la sì ṣe. Ìkan kù: àwọn ọmọ náà fi fóònù ya awọ àlùbọ́sà tiwọn láti ojú máíkírósíkóòpù. Lẹ́ńsì òkè jẹ́ 10, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 10. Ṣé kí wọ́n kọ ×100 sí i?

Ìdáhùn: Rárá o, kí wọ́n má kọ ọ́. ×100 jẹ́ ti ojú ẹni tó ń wò ó. Nígbà tí fóònù bá ti yà á, tí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ìtóbi rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì fóònù àti ìtóbi bébà tí a tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ ṣe ìlà òṣùwọ̀n tiyín. Ẹ wá rúlà oníke tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ gbé e sórí máíkírósíkóòpù lábẹ́ lẹ́ńsì 10 yẹn, kí ojú tó ní àmì kọjú sókè. Ibi tí ojú ń rí níbẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà méjì tàbí kí ó dín díẹ̀, nítorí náà àlàfo mìlímítà kan yóò wọlé ní pípé. Ẹ yà á, kí ẹ mú rúlà kúrò, kí ẹ gbé awọ àlùbọ́sà sí i, kí ẹ sì tún yà á láìfọwọ́ kan súùmù fóònù àti láìpààrọ̀ lẹ́ńsì. Ẹ tẹ àwòrán méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà.

Ká ní lórí bébà, láti etí òsì àmì kan dé etí òsì àmì tó tẹ̀lé e jẹ́ mìlímítà 90. Etí dé etí ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí àmì rúlà máa ń nípọn bí igi iná lábẹ́ lẹ́ńsì. Máíkírómítà 1,000 ti gba mìlímítà 90 nìyẹn, ìlọ́po àwòrán yín sì jẹ́ ×90, kì í ṣe ×100. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gùn tó mìlímítà 27 lórí bébà náà jẹ́ 27 ÷ 90 × 1,000, ìyẹn 300. Máíkírómítà 100 yóò gba mìlímítà 9: ẹ fa ìlà mìlímítà 9 sí igun àwòrán, kí ẹ kọ 100 µm sí i. Tí ẹ bá fẹ́ fún àwọn ọmọ mìíràn ní ẹ̀dà rẹ̀, orí àwòrán tó ti ní ìlà yìí ni kí ẹ ti ṣe é.

Pẹ̀lú lẹ́ńsì 40, rúlà kò ní ṣiṣẹ́, nítorí ibi tí ojú ń rí kò tó ìdajì mìlímítà, àmì méjì kò sì lè wọlé papọ̀. Gíláàsì òṣùwọ̀n tí a fi mìlímítà kan gé sí ọ̀nà 100 lẹ nílò níbẹ̀, àlàfo kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 10. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ tó máa tẹ àwòrán náà sínú ìwé pé, tí ó bá fẹ́ kí ó wọ àyè rẹ̀, kí ó fa igun rẹ̀, kí ó má fa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Tí a bá na àwòrán síbùú láìnà án sókè, ìlà tó wà ní ìbú kò lè wọn sẹ́ẹ̀lì tó dúró lóòró mọ́.