Ìtàn tí a gé kúrú kì í ṣe àgékúrú kéèsì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò gbà pé bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n gé kéèsì gígùn, ìyẹn ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tí a fi ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìpinnu, kúrú, kí wọ́n ṣáà ti ojú-ìwé kìíní bọ̀, kí wọ́n máa mú gbólóhùn kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n wá pín in sábẹ́ ìṣòro, ọ̀nà àbáyọ, ìpinnu àti ẹ̀kọ́. Ibi tí èyí ti ń bà wọ́n jẹ́ jù ni abẹ́ ìṣòro.

Ẹ jẹ́ ká mú kéèsì oògùn ara ríro Tylenol. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ènìyàn méje kú ní agbègbè Ṣikágò lẹ́yìn tí wọ́n lo kápúsù rẹ̀ tí ẹnì kan ti fi májèlé sáyánáìdì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sábẹ́ ìṣòro pé: "Ènìyàn méje kú." Àjálù nìyẹn, ó sì dunni. Ìṣòro tí kéèsì ń béèrè ni ohun tí James Burke, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà nígbà yẹn, Johnson & Johnson, gbọ́dọ̀ pinnu: kí la ó ṣe sí oògùn tó wà lórí àtẹ káàkiri Amẹ́ríkà, nígbà tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, tí a kò sì mọ iye ìgò tó dé?

Ọ̀nà mẹ́ta ló hàn: kí wọ́n kó kìkì ìgò tí nọ́ńbà wọn bá ti àwọn tó pani mu, kí wọ́n kó ti Ṣikágò nìkan, tàbí kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ èrè àti ìnáwó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ẹni tó ń tẹ̀lé ojú-ìwé máa ń fo kókó kan: ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà ni àwọn ìgò olóró náà ti wá, síbẹ̀ Ṣikágò nìkan ni wọ́n ti pani. Ó mú kí ó jọ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti fi májèlé sí i. Ẹ̀rí yìí gbe ọ̀nà kejì dáadáa, òun ló sì mú kí ìpinnu náà le.

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò lọ́jà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ìgò, ìnáwó rẹ̀ sì ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ náà, ni kí ẹ kọ sábẹ́ ìpinnu. Pé ọjà náà padà bọ̀ sípò lẹ́yìn náà, nínú páálí tuntun tí wọ́n lẹ̀ pa, àbájáde nìyẹn. Kò fi hàn pé ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

"Òtítọ́ lérè" kì í ṣe ẹ̀kọ́ kéèsì yìí, torí ó bá ilé-iṣẹ́ gbogbo mu. Ní oṣù kejì ọdún 1986, obìnrin kan tún kú ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì nípasẹ̀ kápúsù Tylenol olóró, láìka páálí tuntun náà sí. Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ náà tó dẹ́kun títa kápúsù fún ẹni tí kò ní ìwé dókítà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé lílẹ páálí pa ń dín ewu kù, àmọ́ kápúsù ṣì ṣeé ṣí, ó sì ṣeé tún pa dé.