STATIONERY tàbí STATIONARY: ibùdúró ló bí méjèèjì, lẹ́tà kẹjọ ló yà wọ́n

Níbi tí iléèwé bá ti pọ̀ tó bó ṣe pọ̀ ní Èkìtì, kò sí àdúgbò tí ènìyàn kò ti ní rí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bíró, ìwé kíkọ, bébà àti rúlà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka pátákó wọn ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ọ̀yẹ́ yóò rí i pé àwọn kan kọ BOOKS & STATIONERY, àwọn mìíràn kọ BOOKS & STATIONARY. Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ ọjà náà. Èkejì ń sọ nípa ohun tó dúró sójú kan tí kò mira, bíi mọ́tò tó dákú sí ẹ̀bá títì. Ẹni tó kọ A sára pátákó ń kéde pé òun ń ta ìwé àti ohun tí kò lè rìn.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nínú èdè Látìn, stationarius ni wọ́n ń pe ẹni tó ní ibùdúró. Ní ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, alágbàtà tó ń gbé ẹrù kọ́pá láti ìlú dé ìlú ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ tirẹ̀, tí oníbàárà mọ ibi tí òun yóò ti bá a lónìí àti lọ́la, ó dá yàtọ̀. Ọmọ Èkìtì kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà lọ́rọọrún, gbogbo ènìyàn ló mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó ń kiri àti ẹni tó ní ìsọ̀: ọjà tí kò bá dára, ìsọ̀ ni à ń dá a padà sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdí yìí gan-an ni àwọn yunifásítì ìgbà náà kò fi fẹ́ kí alákiri máa bá àwọn ta ìwé, nítorí ta ni wọn yóò dì mú bí ìwé bá ní àṣìṣe?

Ní Bòlóńyà, Páríìsì àti Ọ́ksífọ́ọ̀dù, ọ̀rúndún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, yunifásítì ló ń ṣọ́ àwọn onísọ̀ ìwé wọ̀nyí, òun náà ló sì ń sọ iye tí wọ́n lè gbà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe títà nìkan. Onísọ̀ a ní ẹ̀dà ìwé kan tí àwọn olùkọ́ ti yẹ̀ wò, kò ní dì í pọ̀, ìpín ìpín ni yóò fi sílẹ̀. Ìpín kan sábà máa ń jẹ́ ewé mẹ́rin, ìyẹn ojú ìwé mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a yá ìpín kìn-ín-ní, a dà á kọ nílé, a dá a padà, a sì gba ìkejì. Báyìí ni ogún ènìyàn ṣe lè máa da ìwé kan ṣoṣo kọ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀dà tó fi ń yáni, gbogbo ogún ìwé ni yóò ní àṣìṣe náà, ìdí nìyẹn tí òfin Bòlóńyà fi ń bu owó ìtanràn lé onísọ̀ tí ẹ̀dà rẹ̀ kò bá péye. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àwọn baba ńlá olùta bíró ni wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn nítorí àṣìkọ.

Láti ibẹ̀ ni gẹ̀ẹ́sì ti rí stationer, ẹni tó ń tàwé ní ìsọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùtàwé, adàwékọ, adìwépọ̀ àti àwọn tó ń fi àwọ̀ ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1403, ọba sì fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ní 1557. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dé England ní 1476. Díẹ̀díẹ̀, ìtẹ̀wé di iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ìwé títà di iṣẹ́ ọ̀tọ̀, bébà, tàdáwà àti gègé ló kù sọ́wọ́ stationer. Ọjà rẹ̀ náà wá gba orúkọ, wọ́n fi Y kún un, ó di stationery. Nígbà tí yóò fi di 1786, ìjọba Bìrìtìkó ti ní Stationery Office tirẹ̀, pẹ̀lú E.

Àwọn kan ń sọ pé ibùdókọ̀ rélùwéè ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé wọ́n máa ń ta ìwé níbẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Rélùwéè kò sì kan Èkìtì títí dòní, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bíró kún ibẹ̀.

Ìtàn yìí náà ló gbé ọ̀nà ìdámọ̀ wá. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ni baker, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni BAKERY. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn ṣi BAKERY kọ, nítorí wọ́n gbọ́ baker nínú rẹ̀. STATIONERY náà rí bẹ́ẹ̀: olùtà rẹ̀ ni stationer, E-R ló sì parí orúkọ rẹ̀ kí Y tó dé. PAPER náà parí sí E-R, òun sì ni ọjà tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn olùkọ́ máa ń ní kí ọmọ rántí E tó bẹ̀rẹ̀ envelope. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí. Fún STATIONARY, ẹ rántí CAR tó páàkì: A ló wà láàrin rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n ń wá A nínú ọ̀rọ̀ náà. A kan wà nínú méjèèjì, lẹ́tà kẹta. Lẹ́tà kẹjọ ni kí ẹ wò, tàbí kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn: Y, R, ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ E. Kọ̀ǹpútà kò ní fi ìlà pupa sábẹ́ èyíkéyìí, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ẹnu kò sì lè yà wọ́n, nítorí ìró kan náà ni. Ẹ kà á fún akọpátákó lórí fóònù, ohun tó bá wù ú ni yóò kọ.

Ká ní pátákó onírin kan ti di BOOKS & STATIONARY. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn yóò fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ pa A rẹ́, wọn yóò jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí A má baà máa yọ lábẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ E. E kì í gba àyè tó A, nítorí náà àlàfo yóò ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àfi bí akọpátákó bá na apá E náà díẹ̀. Báńà òde òní kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ègé tuntun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò hàn gbangba, ó sàn kí wọ́n tẹ òmíràn. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, akọpátákó a máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: ibẹ̀ ni kí oníṣọ́ọ̀bù ti ka lẹ́tà kẹjọ, kó sì wò ó bóyá wọ́n ti sọ ọ́ di STATIONERIES, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í gba S.