Bí iye owó tí a dárúkọ gbangba ṣe ń mú kí ọrẹ rọrùn níbi àpèjẹ ìkówójọ

Nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá sọ níbi àpèjẹ ìkówójọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́", tí gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́, kì í sábà jẹ́ pé ahun ló kún ibẹ̀. Ìṣirò ni àwọn èèyàn ń ṣe. Àlejò ń bi ara rẹ̀ pé èló ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun, èló ni ẹni tó jókòó tì í máa mú wá, ṣé èyí tó wà lọ́kàn òun kò ní kéré débi tí ojú yóò fi ti òun, àbí yóò pọ̀ jù, tí yóò wá dà bíi pé àṣehàn ni òun ń ṣe. Bí kò bá tètè rí ìdáhùn, ohun tó rọrùn jù lọ ni kó tẹjú mọ́ àwo tó wà níwájú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi kọjá. Ọ̀rọ̀ àpèjẹ tó dára máa ń dáhùn àwọn ìbéèrè yìí kí àlejò tó bi ara rẹ̀. Iye tí a dárúkọ láìfi bò ni ìdáhùn náà sì dúró lé.

Ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ ló ń sá fún iye yìí. Wọ́n á ní kí kálukú mú ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ wá. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó di gbogbo ẹrù ìṣirò ru àlejò, ẹni tí kò mọ iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà, tí kò sì mọ ibi tó kù sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kékeré tí yóò máa gbé àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ sí ọsíbítù fún fífọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n gan-an nígbà tí wọ́n bá parí. Bọ́ọ̀sì náà jẹ́ 18,000 ní owó yòówù tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Owó dírẹ́bà, epo àti àtúnṣe jẹ́ 500 lóṣù, ìyẹn 6,000 fún ọdún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24,000. Èèyàn 120 ni yóò wá síbi àpèjẹ náà, ṣùgbọ́n tọkọtaya pọ̀ nínú wọn, àpò kan náà sì ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń ná. Ẹni tó bá ka orí yóò ṣi ìṣirò. Àpò ni ó yẹ kí a kà, àpò ibẹ̀ sì lè má ju 70 lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ wáyé kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé. Ẹgbẹ́ náà lọ bá àwọn mélòó kan tó sún mọ́ wọn jù lọ nílé, wọ́n sì gba ìlérí 9,000 sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé èèyàn kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. John List àti David Lucking-Reiley, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, dán èyí wò pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ owó kọ̀ǹpútà fún yunifásítì kan ní Florida, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Nígbà tí lẹ́tà sọ pé ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ti wà nílẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti èyí tó sọ pé ìdá 10 péré ló ti wà. Lẹ́tà ni ti wọn, kì í ṣe àpèjẹ, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí ìlọ́po mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn. Síbẹ̀, ibi tí ó tọ́ka sí ṣe kedere: owó tó ti wà nílẹ̀ ń fi hàn pé àwọn ẹlòmíì ti yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ó wá ku 15,000. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe tó ń ná wọn lówó jù. Wọ́n á pín 15,000 sí ọ̀nà 70, wọ́n á rí bíi 214, wọ́n á sì ní kí àpò kọ̀ọ̀kan mú iye náà wá. Ó jọ ohun tó bá ẹ̀tọ́ mu, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó lè mú 2,500 wá láìmira yóò san 214, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun ti ṣe ipa tòun. Ẹni tí 100 ni agbára rẹ̀ yóò wo 214, yóò rí i pé òun kò tó o, kò sì ní mú nǹkan kan wá. Bí àpò 40 bá tilẹ̀ san án, 8,560 ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ní àyè fún ọwọ́ méjèèjì.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àkàsọ̀, ìyẹn oríṣiríṣi iye tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ńlá dé kékeré. Nínú àpẹẹrẹ wa, èèyàn 2 tí yóò mú 2,500 wá, 4 tí yóò mú 1,000 wá, 8 tí yóò mú 500 wá, àti 20 tí yóò mú 100 wá. Ẹ ròó pọ̀: 5,000, 4,000, 4,000 àti 2,000, ó di 15,000. Àpò 34 péré ni, kò tó ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ há ẹnikẹ́ni mọ́ra. Àkàsọ̀ méjì tó wà lókè, pẹ̀lú 9,000 tó ti wà nílẹ̀, ló ra bọ́ọ̀sì. Méjì tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e rìn fún ọdún kan gbáko: 500 jẹ́ oṣù kan, 100 sì jẹ́ bí ọjọ́ mẹ́fà. Bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe ní ohun tó ń ṣe yìí ni ó ń jẹ́ kí ẹni tó mú 100 wá mọ̀ pé òun kò wá fi kún un lásán. Ọjọ́ mẹ́fà tí bọ́ọ̀sì náà fi rìn, tirẹ̀ ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti tó. Àkókò tó dára ni ìgbà tí àwọn èèyàn ti jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìtàn aláìsàn kan ṣoṣo, tó ti fúnni láyè láti sọ ọ́, dára ju ìtàn mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iye yóò tẹ̀ lé e, ní gbólóhùn kúkúrú, láìsí ẹ̀bẹ̀ àti àforíjì:

"24,000 ni a nílò láti ra bọ́ọ̀sì yìí kí a sì fi rìn fún ọdún kan. 9,000 ti wà nílẹ̀. Ó ku 15,000, a sì fẹ́ kí ó pé kí a tó kúrò níbí lálẹ́ òní."

Ó yẹ kí olùsọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹni tó bá yára fi "ṣùgbọ́n kò sí dandan o" tàbí "ẹ má bínú" tì í ti dín iye náà kù lójú ara rẹ̀, àwọn àlejò náà yóò sì dín in kù. Àmì pé iye náà kò wọ̀ wọ́n létí ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ará tábìlì wọn pé "èló ló ní?" Kí ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó má yí ọ̀rọ̀ padà.

Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ àkàsọ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ pe 100, àwọn tí agbára wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò nawọ́, wọn yóò sì gbà pé tiwọn ti parí. Fún 2,500, ó yẹ kí ẹnì kan ti gbà ṣáájú pé òun yóò kọ́kọ́ nawọ́, kí ó sì jẹ́ òótọ́ pé yóò san án. Irọ́ níbí kì í pẹ́ tú, ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá sì bá a lọ kì í padà. Bí ọwọ́ kejì kò bá yọ, kí olùsọ̀rọ̀ ka ẹ̀ẹ́wàá sínú, kí ó dúpẹ́, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 1,000. Kò yẹ kó dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó tẹjú mọ́ tábìlì kan. Ẹni tí a bá fi ojú gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè nawọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ kò ní gbé fóònù bí ó bá di ọjọ́ kejì.

Nítorí àwọn tí kò fẹ́ kí ojú mọ ohun tí wọ́n mú wá, káàdì ìlérí gbọ́dọ̀ wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bíírò tó ń kọ. Iye mẹ́rin wọ̀nyẹn yóò ti wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àyè òfìfo kan fún iye míì, orúkọ, àti ọjọ́ tí owó yóò dé. Àyè ọjọ́ yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ìlérí tí kò ní ọjọ́ ni ó sábà máa ń di ohun tí a ń lé kiri fún oṣù púpọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹnì kan wà nítòsí tábìlì tó lè gba owó lójú ẹsẹ̀, kí nọ́ńbà àkáǹtì sì wà ní gàdàgbà lẹ́yìn káàdì.

Bí a ṣe ń ka káàdì, kí a máa kéde ohun tó kù, kì í ṣe ohun tó ti wọlé nìkan. Ká ní èèyàn kan ṣoṣo ló mú 2,500 wá, àmọ́ 5 mú 1,000 wá, 8 mú 500, 22 mú 100: 13,700 ni. "Ó ku 1,300" yàtọ̀ gidi sí "a ṣì ń retí yín", torí pé gbogbo èèyàn lè rí i pé èèyàn 13 péré tí yóò mú 100 wá ni yóò parí rẹ̀. A ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá pé, kí olùsọ̀rọ̀ sọ iye tó kù àti ibi tí wọn yóò ti wá a, kí àwọn èèyàn sì máa bá fàájì wọn lọ.

Bí ó bá ṣe pé ó pé kí a tó dé ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, kí a sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti pé. Kò dára kí a rọra gbé iye náà sókè kí àwọn èèyàn má bàa mọ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ iṣẹ́ tí owó tó bá lé yóò ṣe, bí oṣù kẹtàlá tí bọ́ọ̀sì yóò fi rìn, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí káàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pinnu fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí a dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ ni owó náà gbọ́dọ̀ ṣe. Láàárín ọjọ́ méjì, kí lẹ́tà ọpẹ́ dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó mú owó wá, pẹ̀lú iye tó mú wá, àròpọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, àti ọjọ́ tí wọn yóò ra bọ́ọ̀sì náà.