Bọ́ọ̀lù kékeré gbá ọ̀pá tó so mọ́ ìṣó: báwo la ṣe ń mọ bí ọ̀pá ṣe máa yára yí tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kíláàsì tẹminál ni mo wà ní Kétu. Wọ́n fi ìṣó gbé ọ̀pá kan kọ́ láti orí rẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré wá gbá a, ó sì ta padà. Mo fi ìwúwo lọ́nà ìyára ti bọ́ọ̀lù ṣáájú dọ́gba pẹ̀lú ti bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá lẹ́yìn, àmọ́ ìdáhùn mi kò bá ti olùkọ́ mu. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ìṣó ló fà á, àbúrò. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbá ọ̀pá, ìṣó náà á ti ọ̀pá lójú ẹsẹ̀ kan náà, kí orí ọ̀pá má bàa kúrò níbi tó wà. Ìtì yẹn kò sí nínú ìṣirò rẹ, o ò sì lè mọ bó ṣe tó kí o tó mọ bí ọ̀pá ṣe yí. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a wọn gbogbo nǹkan láti ibi ìṣó. Ìtì tí ìṣó ń ṣe kò jìnnà sí ìṣó rárá, nítorí náà kò lè yí ọ̀pá. Ìwúwo ọ̀pá náà kò lè yí i lásìkò yẹn, torí ó ń rọ̀ tààrà sísàlẹ̀ ìṣó. Bọ́ọ̀lù nìkan ló kù.

```
J = m(v − v')
J·d = I·ω
I = M·L²/3
```

m ni ìwúwo bọ́ọ̀lù, v ni ìyára rẹ̀ kó tó gbá ọ̀pá, v' sì ni ìyára rẹ̀ lẹ́yìn náà. M ni ìwúwo ọ̀pá, L ni gígùn rẹ̀. J ni ìtì tí bọ́ọ̀lù ṣe, d ni bí ibi tó ti gbá ọ̀pá ṣe jìnnà sí ìṣó. J·d yìí ló ń sọ ọ̀pá di ohun tó ń yí. I ni bí ọ̀pá ṣe lọ́ra tó láti yí. ω ni ìyára yíyí tí à ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀pá pákó tó dọ́gba jálẹ̀, tó gùn ní mítà 1, tó sì wúwo ní gírámù 600. Bọ́ọ̀lù gírámù 50 ń bọ̀ ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbá ọ̀pá ní ìbú, ní mítà 0.8 sísàlẹ̀ ìṣó, ó wá ta padà ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá.

```
I = 0.6 × 1² / 3 = 0.2
J = 0.05 × (8 − (−2)) = 0.5
ω = 0.5 × 0.8 / 0.2 = 2 rad/s
```

Wo àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2 yẹn dáadáa. Bọ́ọ̀lù ti yí ojú padà, nítorí náà 8 àti 2 la ó pò pọ̀. Ẹni tó bá yọ 2 kúrò nínú 8 á rí 1.2 dípò 2, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú.

Ní báyìí, a lè mọ ohun tí ìṣó ṣe. Àárín ọ̀pá ń lọ ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni pé ìwúwo rẹ̀ lọ́nà ìyára jẹ́ 0.6. Bẹ́ẹ̀, 0.5 péré ni bọ́ọ̀lù fún un. Ìṣó ló fi 0.1 kún un, síbi kan náà tí bọ́ọ̀lù ń tì í sí. Ká ní mítà 0.4 ni bọ́ọ̀lù ti gbá a pẹ̀lú ìtì kan náà, ω á di 1, ti ọ̀pá á di 0.3, á jẹ́ pé ìṣó ti dá 0.2 padà. Ibì kan ṣoṣo ni ìṣó kò ti ní ṣe nǹkan kan: ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn ọ̀pá, bíi sẹ̀ntímítà 67 sí ìṣó. Ibẹ̀ nìkan ni ìṣirò tìrẹ ì bá ti tọ̀nà. Ẹni tó ń fi àdá gé igi mọ irú ibẹ̀ lára àdá: bó bá bá ibòmíràn, èèkù á ta á lọ́wọ́.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn lo `M·L²/12`. Ti ọ̀pá tó ń yí láti àárín nìyẹn. Ó máa fún ọ ní 8 fún ω, agbára ọ̀pá á sì jẹ́ júùlù 1.6. Fi 0.1 tó kù lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù kún un, ó di 1.7, bẹ́ẹ̀ júùlù 1.6 ni bọ́ọ̀lù gbé wá. Kò lè ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní kíláàsì, ẹ wọn bí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ṣe gòkè tó. Bí ω bá jẹ́ 2, á gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 13.6. Ìṣirò tìrẹ máa ń fúnni ní ω 1.67, ìyẹn á sì jẹ́ bíi 9.5, ìyàtọ̀ tí rúlà lásán lè fi hàn. Ẹ kọ́kọ́ kán epo sí ojú ihò ìṣó, torí ìṣó tó dípẹtà máa ń dín gígòkè yẹn kù, ẹ lè wá rò pé ìṣirò tó tọ̀nà ló ṣì.

Bí bọ́ọ̀lù bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ńkọ́? Fi `m·d²` rẹ̀ kún I: 0.2 + 0.032. Ohun tó gbé wá láti ibi ìṣó ni 0.05 × 8 × 0.8, ìyẹn 0.32. Pín in, ω á jẹ́ bíi 1.38.