Háńdófà: Bí "ẹ̀jẹ̀ díẹ̀" ṣe ń di ìròyìn tí nọ́ọ̀sì mìíràn lè fi ṣiṣẹ́

Háńdófà ni orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pe àkókò tí ẹni tó ń parí iṣẹ́ ń fi aláìsàn lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ká ní, ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ kan ní Adó-Èkìtì, nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ àárọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó máa gbaṣẹ́ ní aago 2 ọ̀sán báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà o. Màmá bẹ́ẹ̀dì 4 kò fi bẹ́ẹ̀ dáa lójú mi. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń dà lára wọn. Wọ́n ti fún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa wò wọ́n. Ẹ bá mi mójú tó wọn."

Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kún fún ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n" àti "wọn" fara hàn nígbà méje, ó sì ń tọ́ka sí aláìsàn, sí ẹni tó fún un lábẹ́rẹ́, sí dókítà tó pàṣẹ, àti sí ẹni tó yẹ kó máa wò ó. Ọ̀wọ̀ tí èdè wa kọ́ wa ni kò jẹ́ ká dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, bí a bá sì fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìrúnilójú yìí kan náà ni yóò bá a lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe ni pé ká fi ipò ẹni kọ̀ọ̀kan rọ́pò "wọ́n": aláìsàn, agbẹ̀bí, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó léwu jù níbẹ̀ ni "díẹ̀". Òṣùwọ̀n ni a fi ń tú u. A ó gbé páàdì tó ti rin sórí ìwọ̀n, a ó sì yọ ìwúwo páàdì gbígbẹ kúrò. Gíráàmù kan tó ṣẹ́ kù dúró fún nǹkan bíi mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí páàdì méjì bá wọn gíráàmù 260, tí páàdì gbígbẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 30, ẹ̀jẹ̀ tó dà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 200. Lójú ẹni tó ń wò ó, díẹ̀ náà ni lóòótọ́. Àmọ́ fáìlì fi hàn pé mílílítà 350 ti dà nígbà ìbímọ, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 550. Ó ti pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi mílílítà 500 láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ ṣe ààlà ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù. Díẹ̀ ti àárọ̀ àti díẹ̀ ti ọ̀sán, nígbà tí a rò wọ́n pọ̀, ti kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ náà yóò wá rí báyìí:

"Aláìsàn bẹ́ẹ̀dì 4 bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní aago 10:20 àárọ̀, ọmọ rẹ̀ kẹta nìyí. Àpapọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti dà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 550, ó sì ṣì ń dà. Ní aago 1:40 ọ̀sán, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 112 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 100/60. Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀, ó ń le bí a bá fọwọ́ wọ́ ọ, àmọ́ ó tún ń rọ̀ padà. Agbẹ̀bí fún un ní ọ̀kísítósìn yúníìtì 10 sínú iṣan ẹran nígbà ìbímọ. Mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 1:42. Ó pàṣẹ ọ̀kísítósìn yúníìtì 20 nínú lítà omi dírípù kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago 1:50. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kàn jẹ́ aago 2:05. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dínkù nígbà náà, ẹ tún pe dókítà. Ara rẹ̀ kò tíì fi mí lọ́kàn balẹ̀."

Mo fẹ́ kí a kíyè sí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò torí wọ́n rò pé ìmọ̀lára kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti wo aláìsàn láti àárọ̀ lè rí ohun tí òṣùwọ̀n kò tíì mú. Ó kàn yẹ kó wá lẹ́yìn ohun tí a wọ̀n ni, ká má fi rọ́pò rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìlù ọkàn tó ti ju nọ́ńbà òkè ìfúnpá lọ jẹ́rìí sí i.

Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò mọ̀ kún un. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọn páàdì, "páàdì méjì rin gbindin láti aago 12, a kò tíì wọ̀n wọ́n" ni kó kọ, kó má ṣe fojú díwọ̀n 200. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dára lójú, àmọ́ ẹni tó bá gbà á kò ní wọn páàdì mọ́.

Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì nìkan náà kò tó, torí aláìsàn ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì ni ẹni méjèèjì yóò jọ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, kì í ṣe lórí fóònù tí ẹlòmíràn lè kà.

Níbẹ̀ ni ẹni tó ń gbaṣẹ́ yóò ti tún un sọ pé: "Mílílítà 550, ọ̀kísítósìn 20 sínú iṣan ẹran, kí n yẹ̀ ẹ́ wò ní aago 2:05." Ẹni tó ń lọ yóò sì dá a dúró: "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, 10 ni ti iṣan ẹran; 20 ló wà nínú dírípù, ó ṣì ń kán lọ́wọ́."